“Má jẹ ẹ́” àbí “o ò ní jẹ ẹ́”? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí lo, al àti ha nínú èdè Hébérù

Inú ìwé Àwọn Ọba Kìíní ni mo ti mú gbogbo àpẹẹrẹ tó wà níbí, torí ìwé yẹn kún fún àwọn tó ń pàṣẹ, àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ àtàwọn tó ń kọ̀ jálẹ̀, ẹ sì lè ṣí Bíbélì yín kẹ́ ẹ máa fojú bá a lọ. Hébérù inú Bíbélì ni mò ń sọ o, ti òde òní á kàn yọjú díẹ̀ nísàlẹ̀ ni. Mo fi lẹ́tà Yorùbá kọ àwọn ọ̀rọ̀ Hébérù kó lè rọrùn láti pè, ṣ tẹ́ ẹ bá rí, bẹ́ ẹ ṣe ń pe ṣ náà nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé “má” ni lo àbí “kò” ni?

Méjèèjì ni, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní Yorùbá, wọ́n ti bá wa pín in tipẹ́: tí mo bá ní “o ò jẹun”, mò ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, tí mo bá ní “má jẹun”, mò ń dá ẹ lẹ́kun nìyẹn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ gan-an ò ní fi ọ̀kan pe èkejì. Hébérù náà ní méjì, lo (לֹא) àti al (אַל), àmọ́ bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ fún wọn ò bá tiwa mu. Al ò ní wàhálà kankan lára, tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń sọ ohun tí ò fẹ́ ni, ì báà jẹ́ pé ó ń dá èèyàn lẹ́kun tàbí pé ó ń bẹ̀bẹ̀. Lo ló ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: òun ni “kò”, òun ni “kò ní”, òun náà tún ni “o ò gbọdọ̀”. Torí náà lo fúnra rẹ̀ ò lè sọ fún yín bóyá òfin lẹ̀ ń kà àbí ìròyìn, ọ̀rọ̀ ìṣe tó tẹ̀ lé e lẹ máa wò, àti ẹni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kàn fi lo sí iwájú ọ̀rọ̀ àṣẹ kó tán?

Gírámà wọn ò gbà á ni. Ọ̀rọ̀ àṣẹ “jẹun” ni ẹkol, ẹ máa rí i ní orí 13 ẹsẹ 15, níbi tí wòlíì àgbàlagbà kan ti ń sọ fún ẹni Ọlọ́run tó wá láti Júdà pé kó bá òun ká lọ sílé kó sì jẹun, ẹ tún máa rí i ní orí 18 ẹsẹ 41 nígbà tí Èlíjà sọ fún Áhábù pé kó gòkè lọ, kó jẹ kó mu. Àmọ́ ẹ lè wá a títí, ẹ ò ní rí “lo ẹkol” tàbí “al ẹkol” níbì kankan. Tí wọ́n bá fẹ́ dá èèyàn lẹ́kun, wọ́n á fi fọ́ọ̀mù àṣẹ sílẹ̀, wọ́n á lọ mú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń sọ ohun tó ń bọ̀, ìyẹn tokal, tó túmọ̀ sí “wàá jẹ”. Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Lo tokal lè jẹ́ “o ò ní jẹ”, ó sì lè jẹ́ “o ò gbọdọ̀ jẹ”, lẹ́tà kan ò yí padà.

Tí lo àti al bá lè dáni lẹ́kun, kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Ẹ jẹ́ ká lọ síwájú Sólómọ́nì, orí 3, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì tó ń jà sí ọmọ kan. Ọba ti ní kí wọ́n mú idà wá, kí wọ́n la ọmọ sí méjì. Ní ẹsẹ 26, ìyá ọmọ figbe ta, ó ní olúwa mi, ẹ gbé ààyè ọmọ yẹn fún un, “al-tẹmituhu”, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa á. Obìnrin kejì ní tiẹ̀ sọ pé “lo yihyẹ”, kò ní jẹ́ tèmi, kò ní jẹ́ tìẹ, ẹ là á. Ní ẹsẹ 27 ọba dá ẹjọ́, ó ní ẹ gbé ààyè ọmọ fún un, “lo tẹmituhu”, ẹ ò gbọdọ̀ pa á.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni, tẹmituhu, ìparí rẹ̀ bára mu délẹ̀délẹ̀, ọmọ kan náà ni wọ́n ń sọ, ẹsẹ méjèèjì sì tẹ̀ léra. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìyá ò lágbára láti pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni níwájú ọba, ohun tó ní lọ́wọ́ kò ju ẹ̀bẹ̀ lọ, òun náà ló lo al. Ọba kì í bẹ̀bẹ̀ ní tiẹ̀, bó ṣe máa rí ló ń sọ, ẹjọ́ ti dá nìyẹn, lo ló sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ ni pé al máa ń nawọ́ sí ọkàn ẹni tó ń gbọ́, ó fẹ́ kí onítọ̀hún fetí sílẹ̀ kó má ṣe nǹkan náà, lo ní tiẹ̀ ń sọ pé nǹkan náà ò ní ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìdí nìyẹn tí lo ẹni tó láṣẹ fi máa ń di òfin: bí ẹni tó ni ilé bá sọ fún yín pé ẹ ò ní wọlé, kò kàn sọ àsọtẹ́lẹ̀ lásán.

Ẹ wá wo “lo yihyẹ” obìnrin kejì. Òun ò láṣẹ, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ pé kó má ṣe nǹkan, ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, torí náà “kò ní jẹ́” lásán ni. Nínú ẹsẹ méjì péré, ẹ ti rí al tó ń bẹ̀bẹ̀, lo tó ń sọ pé kò ní rí bẹ́ẹ̀ àti lo tó ń dáni lẹ́kun.

Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé lo ni òfin ayérayé, al ni ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí àwọn òfin bí “ìwọ kò gbọdọ̀ jalè” nínú Ẹ́kísódù, lo ni gbogbo wọn, tí “má bẹ̀rù” tí wọ́n ń sọ fún èèyàn lójú ẹsẹ̀ sì máa ń jẹ́ al. Àmọ́ kò ṣeé gbára lé. Ní orí 13 ẹsẹ 9, ẹni Ọlọ́run láti Júdà yẹn ń sọ àṣẹ tí wọ́n fún un fún Jèróbóámù: lo tokal, lo tiṣtẹ, lo taṣub, má jẹun níbẹ̀, má mu omi, má gba ọ̀nà tó o bá wá padà. Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ dá lé, láti Júdà sí Bẹ́tẹ́lì, tó bá ti délé, ó lè jẹun tẹ́rùn, kí ni ayérayé níbẹ̀? Ẹ tún wá wo ẹsẹ 22. Wòlíì àgbàlagbà tó tàn án jẹun ló ń sọ àṣẹ yẹn kan náà padà fún un, ó wá sọ pé “al tokal, al tẹṣt”. Àṣẹ kan náà, èèyàn kan náà tí wọ́n pa á fún, lo lẹ́ẹ̀kan, al lẹ́ẹ̀kan. Torí náà mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gorí pẹpẹ kó máa kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá lórí pé lo ló wà níbí, kì í ṣe al.

Ṣé ìrísí ọ̀rọ̀ ìṣe lè ràn mí lọ́wọ́?

Ó lè ràn yín lọ́wọ́ nígbà míì, tó bá sì ti wà, ó dájú. Fọ́ọ̀mù kúkúrú ló máa ń tẹ̀ lé al, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń sọ “kó rí báyìí”, fọ́ọ̀mù gígùn ló máa ń tẹ̀ lé lo. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe ò fi ìyàtọ̀ yẹn hàn, bíi tokal tó rí bákan náà lẹ́yìn lo àti lẹ́yìn al, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kà á lọ láìkíyè sí i. Àmọ́ nínú ẹsẹ 9 àti 22 tí mo sọ lókè yẹn, ẹ wo “mu”: lẹ́yìn lo, tiṣtẹ ni, lẹ́yìn al, wọ́n ti gé ìdí rẹ̀, ó di tẹṣt.

Èyí tó wù mí jù wà ní orí 2. Àdóníjà ló rán Bátíṣébà sí Sólómọ́nì ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun tọrọ Ábíṣágì fi ṣaya. Nígbà tó ń rọ Bátíṣébà ní ẹsẹ 17, ó ní ọba “lo yaṣib”, kò ní dá ojú yín padà, ìyẹn ni pé kò ní kọ̀ fún yín. Ohun tó rò pé ọba ò ní ṣe ló ń sọ, fọ́ọ̀mù gígùn ni, i wà níbẹ̀ gbọọrọ. Ní ẹsẹ 20 Bátíṣébà dé iwájú ọba, ó ní nǹkan kékeré kan ni mo fẹ́ tọrọ, “al-taṣẹb”, má dá ojú mi padà. Ìyá ọba ni o, ọba ti dìde kí i, ó ti tẹrí ba fún un, ó ti gbé ìjókòó fún un lọ́wọ́ ọ̀tún ara rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ló bẹ̀, i ti kúrò, ìró ẹ ló gba ipò rẹ̀. Sólómọ́nì dá a lóhùn pé ẹ máa tọrọ, ìyá mi, torí “lo aṣib”, mi ò ní dá ojú yín padà. I ti padà dé, torí ìlérí ló ń ṣe, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. (Ẹ ti mọ bí ìlérí yẹn ṣe parí, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n pa Àdóníjà.) Lójú ìwé, yod kan ló fi taṣib yàtọ̀ sí taṣẹb, lẹ́tà tó kéré jù nínú ábídí wọn, nítorí náà ẹ má fojú fò ó.

Tó bá jẹ́ lo ni, tí fọ́ọ̀mù ò sì sọ nǹkan kan, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òfin ni àbí “kò” lásán?

Ẹ jẹ́ ká ka orí 13 yẹn lọ, torí gbogbo irú lo ló wà nínú ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ohun tó ti kọjá ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà ń sọ. Ẹsẹ 10 ní “lo ṣab”, kò gba ọ̀nà tó bá wá padà, ẹsẹ 28 náà ní “lo akal”, kìnnìún tó pa ẹni Ọlọ́run yẹn ò jẹ òkú rẹ̀, “lo ṣabar”, kò sì fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ya. Fọ́ọ̀mù ohun tó ti parí nìwọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá kìnnìún lẹ́kun lórí ohun tó ti kọjá, torí náà “kò” ni, ẹ máa kà á lọ.

Tí kì í bá ṣe ohun tó ti kọjá, ẹ wo ta ló ni ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn. Ní ẹsẹ 8, ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ẹni Ọlọ́run yẹn wá jẹun nílé òun, òun náà fèsì pé lo abo, lo okal, lo ẹṣtẹ, mi ò ní wá, mi ò ní jẹun, mi ò ní mu omi. “Èmi” ló ni gbogbo ẹ̀, èèyàn kì í sì í fi lo ṣòfin fún ara rẹ̀ báyìí, ó ń kọ̀ ni. Ní ẹsẹ 9 tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan náà yí padà sí “ìwọ”, lo tokal, lo tiṣtẹ, ó sì ti sọ kó tó débẹ̀ pé bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún òun nìyẹn. Ọ̀rọ̀ “pàṣẹ” tó ṣáájú yẹn ló tú u: òfin ni. “Ìwọ” tàbí “ẹ̀yin” lẹ́yìn lo, látẹnu ẹni tó láṣẹ, tó sì jẹ́ nǹkan tí ẹni tó ń gbọ́ lè ṣe tàbí kó má ṣe, tí mẹ́ta yìí bá pé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdálẹ́kun ní gbogbo ìgbà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú wá ni ẹsẹ 22. Lẹ́yìn al tokal, al tẹṣt, ẹ máa bá “lo tabo”. Ẹni tó ń sáré kà á á ní “o ò gbọdọ̀ wá”, torí tabo ni “ìwọ yóò wá”, àti pé àwọn ìdálẹ́kun ló ṣáájú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ná. Tabo náà ni wọ́n ń lò fún “òun”, tí òun yẹn bá jẹ́ abo nínú gírámà, ọ̀rọ̀ tó sì tẹ̀ lé e níbẹ̀ ni niblatka, òkú rẹ, abo sì ni ọ̀rọ̀ yẹn ní Hébérù. Òkú ló ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà: òkú rẹ ò ní dé ibojì àwọn baba rẹ. Ìdájọ́ nípa ohun tó ń bọ̀ ni, òkú ò sì lè pa òfin mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rú u. Torí náà ẹ máa ka ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kọjá ọ̀rọ̀ ìṣe kẹ́ ẹ tó pinnu, olùwà gbólóhùn sábà máa ń wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe níbẹ̀, kì í ṣe iwájú bíi tiwa.

Pàkúté kékeré míì tún wà ní ẹsẹ 16, “lo ukal” àti “lo okal” wà nínú gbólóhùn kan. Èyí tó ní u ni “mi ò lè”, èyí tó ní o ni “mi ò ní jẹ”. Kò sí èyí tó jẹ́ òfin nínú méjèèjì.

Ṣé àwọn tó kéré sípò nìkan ló ń lo al?

Rárá o. Èlíjà lò ó fún opó Sárẹ́fátì ní orí 17 ẹsẹ 13, “al tirẹi”, má bẹ̀rù, ó tún lò ó ní orí 18 ẹsẹ 40 nípa àwọn wòlíì Báálì, kí ẹnì kankan nínú wọn má sá lọ, àṣẹ tó le gan-an sì nìyẹn. Sólómọ́nì náà lò ó nínú àdúrà, orí 8 ẹsẹ 57, kí Ọlọ́run má fi wá sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé nínú méjì tó gbẹ̀yìn yìí “òun” ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe “ìwọ”, al ò sì ṣòro láti túmọ̀ níbẹ̀ rárá, “kó má” ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè?

Ha ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ “ṣé” ló ń ṣe. Orí 13 ẹsẹ 14: haata, ṣé ìwọ ni ẹni Ọlọ́run tó wá láti Júdà? Ó dáhùn pé “ani”, èmi. Kò sọ “bẹ́ẹ̀ ni”, torí ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni” ni kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè sọ. Tí wọ́n bá fẹ́ fún èèyàn ní ohun méjì láti yàn, wọ́n á fi im sí àárín bí àwa ṣe ń fi “àbí” sí i, bí Áhábù ṣe bi àwọn wòlíì rẹ̀ ní orí 22 ẹsẹ 6 pé ṣé kóun lọ jagun ní Ramoti Gíléádì, àbí kóun jáwọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ha míì wà tí kì í béèrè nǹkan kan, tó kàn ń tọ́ka sí nǹkan. Méjèèjì wà nínú ẹsẹ 14 yẹn: הַאַתָּה ni ìbéèrè, הָאֱלֹהִים ni ti “Ọlọ́run” nínú “ẹni Ọlọ́run”. Ẹ wo abẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ dáadáa. Ti ìbéèrè ní ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo, èkejì ní ìlà tó ní ẹsẹ̀ kékeré nísàlẹ̀. Níwájú lẹ́tà míì wọ́n lè rí lọ́nà míì, àmọ́ níwájú álẹ́fì, ìyẹn lẹ́tà א tó tẹ̀ lé ha nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ohun tẹ́ ẹ máa wò nìyẹn.

Halo ńkọ́? Lo wà nínú ẹ̀, ṣé “kò” náà ni?

Lẹ́tà rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì. Ha àti lo ló papọ̀, “ṣé kì í ṣe”, ìdáhùn tó sì ń retí ni “bẹ́ẹ̀ ni”. Ní orí 22 ẹsẹ 18 Áhábù yíjú sí Jèhóṣáfátì, ó ní ṣé mi ò sọ fún ẹ ni pé ọkùnrin yìí ò ní sọ ohun rere kankan nípa mi? Kò sẹ́ ohun tó sọ, “mo ṣáà sọ fún ẹ” ló ń sọ. Ẹ̀rí tó dáa jù ni bí ìwé yẹn ṣe ń parí ìtàn ọba kọ̀ọ̀kan. Fún Jèróbóámù, orí 14 ẹsẹ 19, wọ́n ní ẹ wò ó, a ti kọ ìyókù sínú ìwé ìtàn àwọn ọba Ísírẹ́lì. Fún Rèhóbóámù ní ẹsẹ 29, ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ halo ni wọ́n lò, ṣé a ò ti kọ wọ́n sínú ìwé ìtàn àwọn ọba Júdà ni? Ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ, a ti kọ ọ́.

Kí ló dé tí Èlíjà sọ “tí ìrì bá sẹ̀” nígbà tó fẹ́ sọ pé kò ní sẹ̀?

Ìbúra ni, im tó dúró fún “àbí” lókè yẹn náà ni, àmọ́ “tí” ló ń jẹ́ níbí. Orí 17 ẹsẹ 1, ó fi Olúwa tó wà láàyè búra, ó wá sọ pé im ìrì tàbí òjò bá wà lọ́dún wọ̀nyí, àfi nípa ọ̀rọ̀ òun, kò sì parí ìbúra náà, bí ẹni tó ń sọ pé “tí mo bá ṣe é...” tó wá gbé ohun burúkú tó kù mì. Nítorí náà lẹ́yìn ìbúra, im lásán túmọ̀ sí “kò ní”, im lo sì túmọ̀ sí “dájúdájú”. Bí àwọn ìránṣẹ́ ọba Síríà ṣe lo im lo nìyẹn ní orí 20 ẹsẹ 23 nígbà tí wọ́n ní ká bá wọn jà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, a ó lágbára jù wọ́n lọ dandan.

Ẹn àti bilti ńkọ́?

Ẹn ni “kò sí”, kò sì ń dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun: lórí òkè Kámẹ́lì, orí 18 ẹsẹ 26, kò sí ohùn, kò sí ẹni tó dáhùn. Bilti sábà máa ń wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bíi “ó pàṣẹ” nígbà tí wọ́n ń ròyìn ìdálẹ́kun, bó ṣe wà ní orí 11 ẹsẹ 10, Ọlọ́run ti pàṣẹ fún Sólómọ́nì kó má tẹ̀ lé àwọn ọlọ́run míì, lẹ́bilti lẹkẹt. Ẹsẹ yẹn náà sọ pé kò pa á mọ́, lo ni wọ́n fi sọ ìyẹn, fọ́ọ̀mù ohun tó ti kọjá.

Tí mo bá lọ sí Ísírẹ́lì lónìí, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́?

Ó ti rọrùn díẹ̀. Lẹ́nu àwọn èèyàn, al ni wọ́n sábà fi ń sọ “má”, lo tó wà níwájú ohun tó ń bọ̀ sì sábà máa ń jẹ́ “o ò ní”, tẹ́ ẹ bá wá fi lo dá èèyàn lẹ́kun, ó máa dún bíi ti Bíbélì. Àmọ́ lára pátákó, ẹ ṣì máa rí lo tó ń dáni lẹ́kun, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣe tí kò ní “ìwọ” tàbí “ẹ̀yin” lára: “na lo lẹaṣẹn”, ẹ jọ̀ọ́, a kì í mu sìgá níbí.